Ẹ Yé Fi Agbára Ọjọ́ Ìdíje Ṣètò Iṣẹ́ Ojoojúmọ́

Bí o bá wọ jíìmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà ní ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tàbí ní apá Sábó, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́: "Kí ni máàsì ẹ?" Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni iye kílò tí o lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí o bá kó gbogbo agbára rẹ jọ. Ìbéèrè náà kò burú. Ohun tí wọ́n ń fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ló burú. Nọ́ńbà tí ẹni náà bá dá ni wọ́n fi ń ṣètò gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìwúwo ọjọ́ Mọ́ńdè àti ti Ọjọ́bọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń padà wá dán wò lọ́jọ́ Sátidé, níwájú èrò, pẹ̀lú orin tó ń dún kíkankíkan. Bí ẹnì kan bá ní nọ́ńbà tó kéré sí i lòun fẹ́ fi ṣírò, wọn á ní ojo ni.

Èmi lòdì sí i pátápátá. Ẹni tó ti ń gbé irin láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin sẹ́yìn, tí agbára rẹ̀ kò fi kílò lé kílò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ fi máàsì rẹ̀ gan-an ṣètò iṣẹ́. Nọ́ńbà tó fi ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí i ló yẹ kó lò. Máàsì ìgbaradì ni màá máa pe nọ́ńbà yìí. Ara rẹ̀ ni yóò ti máa yọ ìwúwo ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwúwo ọ̀hún yóò sì máa gòkè, yóò máa sọ̀ bí ìgbì. Àwọn tó ń pe èyí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ kò tíì jókòó ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣírò rẹ̀.

Ètò kan tó gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń gbé irin lónìí ni ti Jim Wendler, ará Amẹ́ríkà kan tó ti fìgbà kan díje nínú gbígbé irin, tó gbé ìwé rẹ̀ 5/3/1 jáde ní 2009. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìgbì kan nínú ètò náà. Lọ́sẹ̀ kìíní, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, márùn-ún márùn-ún, ní ìdá 65, ìdá 75 àti ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́ta mẹ́ta ni, ní ìdá 70, 80 àti 90. Lọ́sẹ̀ kẹta, márùn-ún ní ìdá 75, mẹ́ta ní ìdá 85, ẹyọ kan ní ìdá 95. Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti ìsinmi, ìwúwo rẹ̀ kò sì kọjá ìdá 40, 50 àti 60. Nínú sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣì lágbára lè fi kún iye tí ètò náà bèèrè. Àwọn ará wa mọ gbogbo èyí dunjú. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń fò: Wendler kò sọ pé kí wọ́n yọ àwọn ìdá wọ̀nyí nínú máàsì gan-an. Ìdá 90 máàsì ló ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó tilẹ̀ ní ìdá 85 sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ará wa wo ìdá 90 orí ìdá 85 yìí, wọ́n ní ó ti fúyẹ́ jù, wọ́n bá gé e dànù.

Ẹ wá wo ohun tí gígé yẹn ń fà. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó ti ń gbé irin fún ọdún mẹ́jọ. Síkúọ́ọ̀tì la fẹ́ fi wò ó, ìyẹn lílóṣòó pẹ̀lú irin léjìká. Kílò 180 ni máàsì rẹ̀. Bó bá fi 180 ṣírò, kílò 153 ló máa gbé lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ kìíní, 162 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kejì, àti 171 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹta.

Ìlànà kan wà tí Boyd Epley, tó ti fìgbà kan jẹ́ kóòṣì agbára ní Yunifásítì Nebraska, fi ń díwọ̀n máàsì ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbé máàsì náà. Báyìí ni:

```
máàsì = ìwúwo × (1 + iye ìgbà ÷ 30)
```

Ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ wa. Kílò 153 lẹ́ẹ̀marùn-ún já sí 178.5. Kílò 162 lẹ́ẹ̀mẹta já sí 178.2. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó ní láyé. Tọ̀sẹ̀ kejì náà bẹ́ẹ̀. Ó lè rò pé ìdá 85 lòun ń gbé, ṣùgbọ́n ìdá 85 lẹ́ẹ̀marùn-ún ti tó gbogbo agbára tán. Kò sí ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́kù tó lè fi kọ́ nǹkan kan. Bí kò bá sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, bí iná kò bá sí, tí ooru sì mú un títí di òwúrọ̀, sẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́ kó tó dé jíìmù.

Ẹ wá mú máàsì ìgbaradì. Ìdá 90 nínú 180 jẹ́ 162, a ó sọ ọ́ di 160, nítorí ìsàlẹ̀ ló yẹ ká máa sún máàsì ìgbaradì sí nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá dọ́gba. Nínú 160 yìí, tí a bá sún gbogbo rẹ̀ mọ́ kílò márùn-ún tó súnmọ́ ọn jù lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní yóò jẹ́ 105, 120 àti 135. Ọ̀sẹ̀ kejì yóò jẹ́ 110, 130 àti 145. Ọ̀sẹ̀ kẹta yóò jẹ́ 120, 135 àti 150. Fi ìlànà Epley wò ó: 135 lẹ́ẹ̀marùn-ún já sí 157.5, 145 lẹ́ẹ̀mẹta sì já sí 159.5. Ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fi ogún kílò kéré sí ohun tó ní. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá, ó lè gbé 135 yẹn dé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò dá, ó ṣì lè gbé márùn-ún rẹ̀ kó sì máa lọ sílé. Iṣẹ́ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ kankan. Àyè tó wà láàárín 160 àti 180 yìí ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Èmi rò pé inú àyè yẹn gan-an ni agbára ti ń wá.

Wọn a tún máa sọ pé ìmọ̀ràn òyìnbó jíìmù kan tó fẹ́ ta ìwé lásán ni. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí Wendler tó kọ ìwé. Vladimir Zatsiorsky, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tó kọ ìwé lórí ìmọ̀ gbígbé irin ní 1995, ti ya máàsì sí méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ènìyàn lè gbé lọ́jọ́ ìdíje, nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbóná, tí èrò ń wò ó, tí àmì-ẹ̀yẹ wà níwájú. Èkejì ni èyí tí ó lè gbé nínú ìgbaradì láìjẹ́ pé ó ru ọkàn rẹ̀ sókè. Láàárín àwọn ògbóǹtarìgì tó ń gbé irin, ó ní ohun tó wà láàárín méjèèjì máa ń súnmọ́ ìdá 12 tàbí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé òun àti Wendler kò jọ ṣe àjọsọ, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Zatsiorsky fi àmì kan lélẹ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí o tó wọlé sábẹ́ irin, fi ìka mọ ọwọ́ ara rẹ ní ibi tí iṣan ti ń sọ. Bí ọkàn rẹ bá ti ń sáré kí o tó fọwọ́ kan irin náà, ìwúwo yẹn ti kọjá ti ìgbaradì. Ara rẹ ti mọ̀ pé ìjà ń bọ̀, ó sì ti ń náwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń jà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé oorun òun ń dín, ìfẹ́ láti wá sí jíìmù ń dín, ìwúwo tó máa ń fúyẹ́ sì ti ń wúwo. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ nínú iṣan nìkan. Ó ti fi ohun ọjọ́ ìdíje jẹun ojoojúmọ́ tán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ẹni tó ti pẹ́ nídìí irin. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá kò nílò rẹ̀. Máàsì tirẹ̀ ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo agbára jọ, nítorí náà ohun tó ń gbé nínú ìgbaradì àti ohun tó lè gbé lọ́jọ́ ìdíje fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó máa fi kílò méjì àbọ̀ kún irin rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá, títí ara rẹ̀ yóò fi kọ̀. Àgbà inú irin ló ti kọ́ béèyàn ṣe ń fa gbogbo agbára jáde. Ohun tó kọ́ yìí náà ló lè ṣe é léṣe, nítorí ó lè gbé ohun tí ara rẹ̀ kò lè tún ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Alágbára tí kò mèrò, baba ọ̀lẹ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbì. Àwọn tó lòdì sí i máa ń bèèrè pé, bí ènìyàn bá ti gbé 150 lọ́sẹ̀ kẹta, kí ló dé tí yóò padà sí 95 lọ́sẹ̀ kẹrin? Wọ́n ní ìpadàsẹ́yìn ni. Ẹ wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń rìn. Sẹ́ẹ̀tì tó wúwo jù nínú ìgbì kìíní jẹ́ 135, 145 àti 150, lẹ́yìn náà ó sọ̀ sí 95. Nígbà tí ìgbì kejì bá bẹ̀rẹ̀, kílò márùn-ún ni yóò kún máàsì ìgbaradì, yóò di 165. Sẹ́ẹ̀tì tó wúwo jù yóò wá jẹ́ 140, 150 àti 155. Ìsàlẹ̀ ìgbì kejì ga ju ìsàlẹ̀ ti kìíní lọ, orí rẹ̀ ga ju orí ti kìíní lọ. Bẹ́ńṣì àti gbígbé irin kọjá orí kì í yára tó ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, nítorí náà kílò méjì àbọ̀ ni tiwọn máa ń gbà. Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ìgbì náà tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí ìlà tó ń gun òkè tààrà kò lè ṣe. Márùn-ún márùn-ún ọ̀sẹ̀ kìíní ń kọ́ iṣan lọ́nà kan, ẹyọ kan ọ̀sẹ̀ kẹta ń kọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kò sì sí èyí tó pẹ́ tó láti sú ara. Ẹni tó bá ń gbé ìdá 90 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò dúró. Ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe nígbà tó bá dúró ni pé wọn á tún fi kún un.

Mo mọ̀ pé ètò yìí náà ní ibi tó parí sí, ẹni tó bá sì ń tà á fún yín bí oògùn gbogbonìṣe ń tàn yín ni. Bí a bá fi kílò márùn-ún kún un lẹ́yìn ìgbì kọ̀ọ̀kan, 160 yóò di 180 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹ̀rí pé agbára olùkọ́ wa yóò bá a dọ́gba dé ibẹ̀. Ká ní máàsì rẹ̀ gan-an ti di 185 nígbà tí máàsì ìgbaradì di 180. Ìdá 95 nínú 180 jẹ́ 171, a ó gbé e sí 170. Ìlànà Epley sọ fún wa pé ó lè gbé 170 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta rẹ̀ yóò di ìjà. Àmì tó yẹ kó fi pamọ́ sọ́kàn nìyẹn. Bí sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn lọ́sẹ̀ kẹta kò bá lè dé mẹ́ta tó mọ́, nọ́ńbà ti bá a dé ẹnu ọ̀nà. Kò ní fi kún un mọ́. Yóò yọ ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kúrò nínú máàsì ìgbaradì, yóò padà sí 165, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń yẹ̀, nítorí ojú ń tì wọ́n láti yọ irin lẹ́yìn tí gbogbo jíìmù ti rí wọn lábẹ́ èyí tó wúwo.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti mọ̀ bóyá máàsì ìgbaradì tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara rẹ dá dáadáa, di gbogbo rẹ̀ sórí irin, kí o sì gbé e. Bí o bá lè gbé e lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìjẹ́ pé irin náà dúró láàárín méjì, ó tọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, máàsì gan-an ló fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn. Bó bá sì ju mẹ́wàá lọ, o ti gbà á lọ́lẹ̀ jù, àwọn alátakò mi sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dá àwọn alátakò náà lóhùn lórí èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ń gbé ohun tó wúwo kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohun tó wúwo. Òótọ́ ni. Ìdá 95 nínú 160 kò ju ìdá 84 tàbí 85 nínú 180 lọ, èyí kò sì tó láti fi wọ pápá ìdíje. Ẹni tó bá ní ìdíje níwájú gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, olùkọ́ wa yóò yọ àwọn àfikún kúrò nínú sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, yóò sì fi ẹyọ kan rọ́pò wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹyọ 160, lẹ́yìn náà 165. Ìyẹn náà ti tó. Kò sí ìdí tí yóò fi gbé 180 nínú jíìmù nígbà tí ìdíje ọ̀hún ń bọ̀. Ẹ sì wo ohun tí kóòṣì tó gbọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìdíje: ìwúwo tí ẹni náà lè gbé lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìgbaradì. Fún olùkọ́ wa, 160 gan-an ni. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ti ojo ni ìwúwo tó ń ṣílẹ̀kùn ìdíje.

Folashade Oluwafemiayo, ọmọ Nàìjíríà, gbé kílò 167 lórí bẹ́ńṣì ní Ìdíje Páráńlíńpíìkì Paris ní 2024, ó sì fi gba wúrà, ó tún fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ìsọ̀rí rẹ̀. Ìdíje ni ibi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti níye. Ìgbà mẹ́ta ni adájọ́ ń fún olùdíje nínú gbígbé irin lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó bá ti ná ìgbà mẹ́ta rẹ̀ sí jíìmù ní gbogbo Sátidé, kí ló fẹ́ ná níwájú adájọ́?

Wọn a tún máa pe orúkọ àwọn ará Bùlùgéríà. Wọ́n ní kóòṣì wọn, Ivan Abadzhiev, ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ gbé máàsì lójoojúmọ́, wọ́n sì gba wúrà káàkiri ayé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń bọ́ àwọn ọmọ yẹn, irin gbígbé nìkan ni iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ lára wọn sì ṣubú lójú ọ̀nà kí ìwọ̀nba tó kù tó dé ibi ẹ̀bùn. Ní Ìdíje Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Mitko Grablev àti Angel Guenchev nítorí oògùn tí wọ́n rí lára wọn, ẹgbẹ́ wọn sì kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ohun tó sì ya mí lẹ́nu jù ni pé "máàsì" tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́ ní Sófíà kì í ṣe máàsì ìdíje. Ohun tí ara bá gbà lọ́jọ́ náà ni. Nígbà tí àwọn ará wa ń pè wọ́n lẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn láìmọ̀.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ní ìdá àti ìṣirò kò bá ìgbé-ayé wa mu. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń sùn dáadáa, ẹran ń bẹ nínú fíríìjì wọn, kóòṣì ń bẹ lẹ́yìn wọn, nítorí náà ìmọ̀lára ló yẹ kí tiwa máa tẹ̀lé. Àwọn wọ̀nyí dé etí òtítọ́, wọ́n wá padà lẹ́yìn. Ìgbé-ayé wa yẹ̀, ó sì ń yẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìgbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹni tí kò tíì mu omi láti àárọ̀ kò lè rí 180 rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí òòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti ń gún páànù orí jíìmù, tí iná kò sì sí, irin kan náà yóò wúwo ju ti àárọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, olùkọ́ tó ń ṣàmì ìwé títí di òru kò ní ní agbára ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí agbára wa bá ń yí báyìí, ṣé nọ́ńbà tó ga jù lọ tí a ti ní rí ló yẹ ká fi ṣe òpó? Àyè ìdá 10 yẹn wà nítorí irú ọjọ́ wọ̀nyí. Ìmọ̀lára nìkan kò lè gbani nínú jíìmù tí orin ń dún, tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà ń pariwo "ó kù kan, ó kù kan!" Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí orí rẹ̀ tutù, ni orí rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ibì kan péré ni mo gbà fún wọn láìjiyàn, ìyẹn lórí irin fúnra rẹ̀. Ìṣirò kò ní láárí bí ohun tí a kọ sára irin bá ń purọ́, tiwa sì ń purọ́. Ọ̀pọ̀ pílétì tó wà níbí ni alágbẹ̀dẹ rọ, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n sì kọ 20 sí i. Ní àsìkò kajú, a gbé irú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kajú, tí wọ́n ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò. Kílò 18 àbọ̀ ló wọ̀n, èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lórí irin kan náà wọn 20 àti díẹ̀. Irin gígùn jíìmù náà, tó jẹ́ páìpù tí wọ́n gé, fúyẹ́ ju 20 tí gbogbo ènìyàn ń kà á sí lọ. Bí o bá ń lo àwọn pílétì kan náà títí, ìdàrúdàpọ̀ náà kò pọ̀ jù, nítorí irọ́ kan náà ni yóò máa tẹ̀lé ọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ ọ̀kan tàbí tí o bá lọ sí jíìmù mìíràn ni 145 rẹ yóò di 151 láìsọ fún ọ. Wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà tòótọ́ sí i, so pílétì tí ìwúwo wọn dọ́gba pọ̀ ní méjì méjì. Bí ẹ kò bá sì ní èyí tó kéré ju 2.5 lọ, ẹ sún gbogbo ìṣirò mọ́ kílò márùn-ún bí mo ti ṣe lókè, ẹ má sì dààmú.

Mo ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó gbà pẹ̀lú mi náà, nítorí àwọn ló lè ba ètò yìí jẹ́ jù. Àfikún inú sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn ni ihò tí Sátidé ń gbà wọlé padà. Ẹnì kan á dín nọ́ńbà rẹ̀ kù, á fi ìdá 90 ṣírò bí ọmọlúàbí, á wá dé orí 135, á sì gbé e lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, èyí tó kẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tẹ̀ bí ọrun. Ìdíje náà ló tún ṣe o, ó kàn fi 135 pè é ni. Nígbà tí irin bá ti ń lọ́ra láàárín ọ̀nà, tí gìgísẹ̀ bá ti ń fẹ́ kúrò nílẹ̀, tàbí tí àyà bá ti ń ṣubú síwájú kí ìdí tó dìde, sẹ́ẹ̀tì náà ti parí. Kí o dá a padà sórí ìkọ́ rẹ̀, kí o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́jọ tó mọ́ lórí 135 já sí 171 nínú ìlànà Epley, ìyẹn sì ti tó láti sọ fún ọ pé o wà ní ipò rẹ láìjẹ́ pé o gbé 171. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ìlànà náà kò ṣeé gbára lé mọ́, àfikún ọ̀hún kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì àti ẹ̀yin àgbà jíìmù, ọwọ́ yín ni àtúnṣe yìí wà. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé yín kò ní gbà láti dín nọ́ńbà wọn kù níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ fún máàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sára ògiri fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi máàsì gan-an sí apá kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbé e, ẹ má sì fọwọ́ kàn án àfi tí ìdíje bá wà. Ẹ fi máàsì ìgbaradì sí apá kejì, kí gbogbo ìwúwo ọ̀sẹ̀ jáde láti ara rẹ̀. Ẹ dán an wò fún ìgbì mẹ́ta péré, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bí mẹ́jọ ọ̀sẹ̀ kìíní kò bá di mẹ́sàn-án, tàbí kí ó jẹ́ mẹ́jọ lórí irin tó wúwo jù, ẹ padà sí Sátidé yín, kí ẹ sì pè mí ní ojo.